Ọ̀rọ̀ fún Àyájọ́ Òmìnira: Ọjọ́ Mẹ́rìnlélógójì Láìgba Owó Iṣẹ́

Nínú ẹ̀kọ́ yìí a óò ka ọ̀rọ̀ kan tí a kọ fún ọjọ́ àyájọ́ òmìnira. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ní gbangba kò rí bákan náà pẹ̀lú àròkọ tí a kọ sínú ìwé. Ẹni tí ó ń ka ìwé lè ṣí ojú ewé padà bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé e. Ẹni tí ó dúró sí pápá nínú oòrùn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni olùsọ̀rọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń mú ọ̀ràn kan ṣoṣo, tí yóò sì tú u palẹ̀ títí yóò fi yé tọmọdé tàgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bá pè sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ òmìnira ni í máa ka orúkọ àwọn aṣáájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tí ń pe orúkọ nínú kíláàsì, wọn a sì jókòó. Ẹ kíyè sí i bí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí ṣe gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ fi ojú inú wo pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bàríga ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ṣómólú àti Bàríga ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn òbí jókòó sí abẹ́ àtíbàbà, a sì ti fa àsíá sókè. Àgbà olùkọ́ ìtàn kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni a pè kí ó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ó sọ nìyí:

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín kú ọdún òmìnira. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ó jẹ́ àṣemọ.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ àwọn tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó lórí tábìlì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n fi ọgbọ́n àti ẹnu gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Orúkọ wọn wà lára owó tí ẹ ń ná, ó sì wà lára àwọn òpópónà tí ẹ ń gbà kọjá. N kò wá bu iyì wọn kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo odò tí ó kún ní ẹnu òkun, kí ó rántí pé àwọn ìṣàn kéékèèké ni ó ti ibi jíjìnnà wá. Lónìí, àwọn ènìyàn tí a kò kọ orúkọ wọn sí ara owó ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa wọn: òṣìṣẹ́ ojú irin, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn tí ń la ọ̀nà, àti pàápàá àwọn obìnrin tí ń ta gàrí àti ẹja. Ọ̀ràn tí mo mú ni ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àdúgbò wa yìí ti rí ní àkókò náà, nítorí ẹni tí ó bá wo ilé tí ó ṣù mọ́ ilé ní Ṣómólú lónìí lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní 1945, abúlé ni ibí yìí, lẹ́yìn ààlà ìlú Èkó. Oko àti igbó pọ̀ níbẹ̀, àwọn apẹja sì wà ní etí ọ̀sà ní apá Bàríga. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí Èkó kún débi pé yàrá kan di ibùsùn ìdílé méjì, ni àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wá ilẹ̀ àti yàrá tí kò wọ́n kiri Mùṣín, Ṣómólú àti Bàríga. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́ 1945, kì í ṣe àlejò ni mo ń sọ̀rọ̀ wọn. Ìran wọn ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí ẹ ti jáde wá ní òwúrọ̀ yìí.

Ogun ń jà nígbà náà, ogun àgbáyé kejì. Ó ti parí ní Yúróòpù ní oṣù karùn-ún 1945, ṣùgbọ́n a ṣì ń bá àwọn ará Jàpáánù jà. Àwọn ọmọ wa wà ní Bọ́mà nínú igbó àti ẹrẹ̀. Ẹ mọ ilé ìwòsàn eegun tí ó wà ní Ìgbóbì, ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìkòròdú, tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá ń lọ sí Yábàá? Ní 1945 gan-an ni a dá a sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún kọjá níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè nítorí ogun àwọn ẹlòmíràn ni a kọ́kọ́ kọ́ ọ fún.

Àwọn tí ó wà nílé náà ń jagun tiwọn. Ọkọ̀ ojú omi kò wá bí ti tẹ́lẹ̀, ọjà ilẹ̀ òkèèrè di góòlù, oúnjẹ ilẹ̀ wa pàápàá sì gbówó lórí. Ní 1942 ìjọba fi àjẹmọ́nú díẹ̀ kún owó òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n náà. Lẹ́yìn èyí, ọjà ń gòkè, owó òṣìṣẹ́ dúró sójú kan. Nígbà tí ó fi di 1945, àwọn òṣìṣẹ́ sọ pé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ti fi ìlọ́po méjì lé sí i láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bèèrè ohun méjì: kí òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ máa gba ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́, kí a sì fi ìdajì kún àjẹmọ́nú ọ̀wọ́n ọjà.

Ẹ̀yin ọmọ mi kò mọ owó náà, nítorí ní 1973 ni náírà rọ́pò rẹ̀, nítorí náà kí n là á yé yín. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan. Sísì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà, ìyẹn ni pé sísì méjì ni ṣílè kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èsì wo ni ìjọba fọ̀? Wọ́n ní àwọn kò ní fi owó kún un. Wọ́n ní bí àwọn ará ìlú kò bá mú jíjẹ àti lílò ohun tí ó wọ́n kù, tàbí kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àfikún owó kò ní ṣe wọ́n ní àǹfààní kankan. Ẹ gbọ́ bí? Ẹni tí ebi ń pa ni a ní kí ó dín oúnjẹ kù! Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ́ òyìnbó sì wà lórí iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n ń gba àjẹmọ́nú tiwọn. Ohun tí ó dun àwọn ènìyàn ju ebi lọ ni èyí.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ìjọba ti mú un ní 1943, wọ́n fi í sí àtìmọ́lé, wọ́n sì dá a dúró sí ìhà Auchi kí ó má bàa rí àwọn ènìyàn rẹ̀ kó jọ. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1945. Nígbà tí ó wọ Èkó ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, àwọn ènìyàn tú jáde bí omi láti pàdé rẹ̀. Àwọn aṣáájú àgbà kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣì ń fẹ́ kí a sún ọjọ́ náà síwájú, kí a tún bá ìjọba sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: kì í ṣe àwọn olórí ni ó ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ sójú ìjà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni ó ti àwọn olórí. Òru Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà, mọ́ òwúrọ̀ Ẹtì, ni iṣẹ́ dúró.

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ni ó dáwọ́ dúró, nínú ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ọkọ̀ ojú irin kò rìn bí ó ti yẹ mọ́. Lẹ́tà sùn sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Wáyà kò lọ. Ẹ má gbàgbé pé ìgbà ogun ni, òfin ìgbà ogun sì ti fi òté lé ìyanṣẹ́lódì ní àwọn iṣẹ́ tí ìjọba kà sí kò-ṣeé-má-nìí. Ẹni tí ó bá dáwọ́ dúró mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun, pé ẹ̀wọ̀n sì wà.

Ìjà náà pẹ́ ní Èkó títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ni. Ẹnu lè sọ ọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé kan kí a ṣírò rẹ̀. Kì í ṣe ilé ẹnìkan pàtó. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé bàbá kan ń gba ṣílè méjì lóòjọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, owó rẹ̀ yóò jẹ́ ṣílè méjìléláàádọ́ta, èyíinì ni £2 àti ṣílè méjìlá. Inú owó yìí ni yóò ti san owó yàrá, tí yóò ti ra oúnjẹ, tí yóò sì ti san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Nínú ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì náà, bí a bá yọ ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà kúrò, ọjọ́ iṣẹ́ méjìdínlógójì ni ó kù. Ṣílè mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni ó bá ìjà náà lọ, £3 àti ṣílè mẹ́rìndínlógún, owó oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ méjì gan-an. Kò ní rí i gbà padà láé.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ pé ó ṣẹ́gun pátápátá, pé ní ọjọ́ tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí fi sísì kún owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ méjì ni yóò fi rí ṣílè kan lórí owó àtijọ́. Kí ó tó rí ṣílè mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí ó pàdánù, yóò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjìléláàádọ́jọ. Ìyẹn tó oṣù mẹ́fà! Títí di òpin oṣù kìn-ín-ní 1946, ṣe ni yóò ṣì máa fi èrè ìjà náà dí ihò tí ìjà náà gbẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣírò èrè ara rẹ̀ nìkan kò ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan má mọ ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé rélùwéè, tí ìṣirò jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, mọ̀ ọ́n dájú, wọ́n sì dúró.

Báwo ni ilé náà ṣe wá jẹun? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá ilé ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aya òṣìṣẹ́ ní Èkó ni ó ń tajà: ẹ̀wà, àkàrà, aṣọ, ata, ọṣẹ. Nígbà tí owó baálé gbẹ, èrè igbá ìyá ni ó di owó ọbẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà sì ta oúnjẹ láwìn fún àwọn tí kò gba owó oṣù, wọ́n sì dá owó sínú àpò ìrànwọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti tajà rí mọ ohun tí àwìn jẹ́. Gàrí tí o kó fún ènìyàn láìgba owó, owó ni o ti fi rà á. Bí ẹni náà kò bá san án, o kò ní rí ohun tí o máa fi ra ọjà mìíràn. Ìgbá kan tí ó dà sílẹ̀ lè kó gbogbo òwò rẹ lọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan, a kò sì bi wọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ orí igbá wọn ni ìyanṣẹ́lódì náà dúró lé.

Ohun kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá ń kà nípa àkókò náà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bá ìjọba rojọ́, wọ́n ní ọkùnrin nìkan ni ó ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ, nítorí náà kí a fi owó kún owó rẹ̀. Ẹjọ́ náà dára láti rò, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ìyàwó tí wọ́n ní àwọn ń bọ́ ni wọ́n ti ń jẹun ní ọjọ́ tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀.

Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé àwọn obìnrin ọjà dúró ti àwọn òṣìṣẹ́, nítorí wọ́n ti ń bá ìjọba kan náà jà ṣáájú. Olórí wọn ni Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Èrékò. Kò kàwé, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1940, ìjọba ṣe òfin pé obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún yóò máa san owó orí. Àwọn obìnrin ti ọjà pa ní oṣù kejìlá, wọ́n sì wọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ. Wọ́n ní àwọn kò lè san owó orí nígbà tí a kò jẹ́ kí àwọn dìbò. Ìjọba gbé òṣùwọ̀n náà gòkè dé £200, ìyẹn sì yọ àwọn tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni òfin iye owó oúnjẹ dé. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Kápítéènì Pullen ni a fi sí ìdí rẹ̀. Ìjọba yóò sọ iye tí a gbọ́dọ̀ ta gàrí, ẹni tí ó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Lójú ẹni tí ń rà, òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tí ń tà. Iye tí ó rà á lọ́wọ́ àwọn ará oko, pẹ̀lú owó ọkọ̀, ti ju iye tí ìjọba ní kí ó tà á lọ. Bí ó bá pa òfin mọ́, ó jẹ gbèsè. Bí ó bá rú u, ó di ọ̀daràn. Bí ó bá sì jókòó sílé, ìlú kò rí gàrí rà. Ohun kẹta yìí ni ó ṣẹlẹ̀ níkẹyìn: gàrí fara pamọ́, àwọn ènìyàn tò gbọọrọ níwájú ibi tí ìjọba ti ń tà á, ẹni tí ó bá sì ní owó lọ rà á ní kọ̀rọ̀ ní iye tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìjọba fẹ́ kí Pẹlẹwúrà bá àwọn fi òfin yìí múlẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n fi £100 lọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ẹ rántí bàbá tí a ṣírò owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ kí ó tó rí £100. Ìyá náà kọ̀ ọ́. Ó kú ní 1951, kò rí òmìnira. Nígbà tí ogun parí, ìjọba mú ọwọ́ kúrò lórí iye oúnjẹ.

Mo ti sọ ti òṣìṣẹ́, mo ti sọ ti ọlọ́jà. Ó kù ẹnìkan tí ẹ̀yin ará Ṣómólú kò gbọdọ̀ fojú fò dá, èyíinì ni òǹtẹ̀wé. Lónìí, bí a bá dárúkọ Ṣómólú, ìwé títẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn, láti ìwé ìpè ìgbéyàwó títí dé kàlẹ́ńdà. Nígbà náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni a ń fi ọwọ́ tò, òjé lórí òjé, kí a tó rí ìlà kan tẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn méjì tí Ọ̀gbẹ́ni Nnamdi Azikiwe ní, West African Pilot àti Daily Comet, gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, ìjọba fi òfin dè wọ́n pé kí wọ́n má jáde mọ́. Ẹni tí ó ń to lẹ́tà níbẹ̀ kì í ṣe olóṣèlú, ṣùgbọ́n nígbà tí a ti ilẹ̀kùn, owó rẹ̀ náà dúró. Eléré náà gba ìyà tirẹ̀: Hubert Ogunde ṣe eré kan nípa ìyanṣẹ́lódì àti ebi yìí, nígbà tí ó sì gbé e dé Jos, ìjọba mú un, wọ́n sì bu owó ìtanràn fún un.

Báwo ni ó ṣe wá parí? N kò ní fi adùn kún un fún yín. Ní ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ padà, wọn kò tíì rí kọ́bọ̀ kan. Ìlérí méjì ni wọ́n gbà: pé a kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìjà náà, àti pé ìgbìmọ̀ kan tí kò ní í ṣe ojúsàájú yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gbẹ́ni Tudor Davies ni ó ti Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe olórí ìgbìmọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ yìí ní ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ jàre, ó sì dámọ̀ràn pé kí a fi ìdajì kún àjẹmọ́nú wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìjọba lè ṣe ní oṣù karùn-ún 1945 láìsí ìjà, ìjà ni wọ́n fi gbà á.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Bàbá, owó oúnjẹ ni wọ́n jà fún, kí ni ó kàn án pẹ̀lú òmìnira?" Ìbéèrè gidi ni. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà kò ronú àsíá lọ́jọ́ tí wọ́n dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kí ìjà náà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ ni pé ìjọba òyìnbó kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti rí i pé ó ń yí i padà. Ará Ìlà Oòrùn, ará Òkè Ọya àti ará Ìwọ̀ Oòrùn jọ fi ebi gbá ara wọn mọ́ra lórí ojú irin kan náà. Ní ọdún kejì, nígbà tí àwọn aṣáájú rin ìrìn àjò yí ilẹ̀ Nàìjíríà ká láti tako òfin ìjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀, àwọn ará ìlú dá owó fún wọn, ẹni kan sísì, ẹni kan ṣílè, títí ó fi tó nǹkan bí £13,000, kí wọ́n lè rán àwọn ènìyàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Inú ìrìn àjò náà ni àìsàn ti kọlu Herbert Macaulay ní Kano. Ó kú ní Èkó ní oṣù karùn-ún 1946, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga CMS, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1859, tí ó ṣí wá sí Bàríga wa yìí ní 1959.

Àwọn kan san ju owó lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa èédú ní àfonífojì Iva, ní Enugu. Mọ́kànlélógún kú. Owó iṣẹ́ ni àwọn náà ń bèèrè. Láti ọjọ́ náà, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ọ̀rọ̀ owó lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ òmìnira lọ́tọ̀.

Ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1960, ní pápá ìsáré ẹṣin ní Èkó, a pa iná, a sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, a tan iná, àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun sì wà lókè. Àdúgbò wa yìí kò tilẹ̀ sí lábẹ́ olú ìlú ní ọjọ́ náà. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ṣómólú àti Bàríga wà, ó sì di 1967 kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí a sì fi wọ́n sínú rẹ̀. Ọmọ tí a bí nínú ilé òṣìṣẹ́ ní oṣù keje 1945, nígbà tí ìkòkò ń gbẹ tí ìyá rẹ̀ sì ń lọ gba gàrí láwìn, ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òru ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ yín ni. Bí ó bá wà láàyè, àgbàlagbà ni ó jẹ́ báyìí, ó sì lè jẹ́ pé òun ni ẹ ń kí ní àárọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ lọ bi í ní ìrọ̀lẹ́ yìí pé ta ni ìyá rẹ̀ jẹ ní gbèsè gàrí, àti pé ìgbà wo ni ó tó san án tán. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì mú un wá fún olùkọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni ìdí tí olùsọ̀rọ̀ fi ṣírò owó bàbá kan nínú ilé kan, dípò kí ó ka iye owó tí gbogbo òṣìṣẹ́ pàdánù?

2. Bí ó bá jẹ́ pé kọ́bọ̀ mẹ́ta péré ni ìjọba fi kún owó bàbá náà lóòjọ́, ọjọ́ iṣẹ́ mélòó ni yóò fi rí ṣílè mẹ́rìndínlọ́gọ́rin rẹ̀ padà?

3. "Lójú ẹni tí ń rà, òfin náà dára." Ṣàlàyé ìdí tí gàrí fi fara pamọ́ nígbà tí ìjọba dín iye rẹ̀ kù.

4. Kọ ọ̀rọ̀ tí ìyá ọlọ́jà kan lè sọ fún òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó wá ra gàrí láwìn ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ìyanṣẹ́lódì náà, àti èsì tí ọkùnrin náà lè fọ̀. Má ṣe jẹ́ kí ó ju ojú ewé kan àti ààbọ̀ lọ.